Bí A Ṣe Ń Sọ Ìwé Nọ́ńbà Jágbajàgba Di vCard Tí Fóònù Lè Gbà

Gbogbo ìlà kóòdù tí mo kàn mẹ́nu bà lórí afẹ́fẹ́, mo ti kọ wọ́n síbí lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ lè dà wọ́n kọ.

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ìwé nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní irú ìwé yìí: ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú Wasáàpù, ẹlòmíì fi kún un, ẹni kẹta tẹ nọ́ńbà méjì mọ́ ara wọn. Ó ti di odindi ojú ìwé mẹ́ta, kò sì sí fóònù kankan tó lè lò ó bó ṣe wà. Èmi yóò fi ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Akọ̀wé wọn, màmá àgbà kan tó ń ta aṣọ, ra fóònù tuntun. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta (64) ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn wọ inú fóònù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi gba sùúrù ni pé orí fóònù yẹn ni màmá fi ń sọ fún olúkúlùkù iye owó àyálò tó kù lọ́rùn rẹ̀. Bí dígíìtì kan bá yí padà, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹgbẹ́ ni yóò gba ọ̀rọ̀ gbèsè ẹlòmíràn, ẹni tó ni gbèsè kò sì ní gbọ́. Kì í ṣe pé kí orúkọ kàn wọlé nìkan ni iṣẹ́ náà. Kí nọ́ńbà jẹ́ ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni iṣẹ́.

Ẹ wo méje lára àwọn ìlà náà. Mo ti pààrọ̀ orúkọ, mo sì ti fi òdo rọ́pò nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ìdàrúdàpọ̀ inú wọn, bó ṣe wà gan-an ni mo ṣe fi sílẹ̀:

```
1. Alhaji Mufutau onirẹsi 0803-000-0011
2. Iya Bisi (alata) 08050000012/07030000013
3 Mrs Adewumi Folakẹ 234 803 000 0014
4.Sister Toyin London 07700 900123
5. Baba Kọla Ajaṣẹ +229 97 00 00 15
6. Folakẹ Adewumi 8030000014
7. Iya Bisi 0805000012
```

Ìlà méje nìyẹn. Kí a tó parí, ẹ ó rí i pé ènìyàn márùn-ún péré ló wà níbẹ̀.

Kí ni vCard?

vCard jẹ́ fáìlì tí a fi ọ̀rọ̀ lásán kọ, tí orúkọ rẹ̀ sì máa ń parí sí .vcf. Bí ẹ bá fi Notepad ṣí i, ẹ ó lè kà á bí ẹ ṣe ń ka lẹ́tà. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, fáìlì kan sì lè gba ẹgbẹ̀rún káàdì tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà káàkiri: 2.1, 3.0 àti 4.0. Mo máa ń lo 3.0 nítorí pé fóònù Áńdíróìdì àti àìfóònù gbà á láìjanpata, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ èdè wa sì ń wọ inú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nínú 2.1, kóòdù àkànṣe ni a gbọ́dọ̀ fi bo gbogbo ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́, iṣẹ́ náà a sì di ńlá láìnídìí.

Káàdì Alhaji nìyí nígbà tó bá parí:

```
BEGIN:VCARD
VERSION:3.0
N:Onírẹsì;Múfútàù;;Alhaji;
FN:Alhaji Múfútàù Onírẹsì
ORG:Alájẹṣẹ́kù
TEL;TYPE=CELL:+2348030000011
END:VCARD
```

Ìlà àkọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn, ìlà ìkẹyìn tì í. FN ni orúkọ bí a ṣe fẹ́ kí ojú rí i. ORG ni ẹgbẹ́ tàbí ibi iṣẹ́. Mo fi ìlà yẹn sínú káàdì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí màmá lè tẹ orúkọ ẹgbẹ́ síbi ìwákiri kí gbogbo wọn sì jáde pọ̀. TEL ni nọ́ńbà. N ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀.

Àyè márùn-ún inú N

Ìlà N ní àyè márùn-ún, sẹmikólọ́ọ̀nù mẹ́rin ló sì pín wọn níyà, ìyẹn kómà tó ní tótó lórí. Àyè kìíní jẹ́ ti orúkọ ìdílé, èkejì ti orúkọ ẹni gan-an, ẹ̀kẹta ti orúkọ àárín, ẹ̀kẹrin ti oyè tó ń ṣáájú orúkọ, ìkarùn-ún ti ohun tó ń tẹ̀lé orúkọ. Bí àyè kan bá ṣófo, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, ṣùgbọ́n sẹmikólọ́ọ̀nù rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù. Bí ọ̀kan bá sọnù, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò ṣí wá síwájú, "Alhaji" yóò sì di orúkọ àárín.

Àwọn tó ṣètò àyè márùn-ún yìí kò ro ti ọjà Ìbàdàn. Ta ni orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Onírẹsì? Kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi màmá léèrè pé, "Mà, kí ni orúkọ ìdílé Alhaji Múfútàù?" èsì tó fún mi ni pé, "Ọmọ mi, Alhaji Onírẹsì ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí." Ohun tí ẹni tó ni fóònù yóò fi wá a nìyẹn, nítorí náà mo fi Onírẹsì sí àyè kìíní. Alhaji lọ sí àyè ẹ̀kẹrin níbi tí oyè ń gbé. Bí ẹ bá fi Alhaji ṣe ara orúkọ, gbogbo Alhaji àti Alhaja inú ẹgbẹ́ ni yóò kóra jọ sábẹ́ lẹ́tà A, ẹ ó sì máa yí ojú fóònù títí kí ẹ tó rí ẹni tí ẹ ń wá.

Ìyá Bísí ńkọ́? Níbí ni a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. "Ìyá" dà bí oyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè. Bísí ni ọmọ, ìyá rẹ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá gbé "Ìyá" lọ sí àyè oyè, ohun tí fóònù mọ̀ sí orúkọ kò ju Bísí lọ, yóò sì tò ó sáàárín àwọn Bísí gidi. Lọ́jọ́ tí Bísí fúnra rẹ̀ bá wọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ máa dàrú. Ẹ jẹ́ kí "Ìyá Bísí" wà pọ̀ ní àyè kejì, bí ohun kan ṣoṣo. Bákan náà ni Bàbá Kọ́lá, Màmá Ìbejì àti Ìyá Ọ̀ṣun. Èyí tó bá sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́, bíi Alhaji, Olóyè tàbí Dókítà, òun ni oyè. Èyí tó bá jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́, ẹlòmíràn ni orúkọ yóò máa tọ́ka sí, ara orúkọ ni.

Ohun kan tún kù: ohun tó wà nínú N àti ohun tó wà nínú FN gbọ́dọ̀ bára mu. Fóònù kan máa ń ti inú N kó orúkọ jọ, òmíràn máa ń wo FN. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra, orúkọ kan náà yóò máa hàn lọ́nà méjì lórí fóònù méjì.

Títún nọ́ńbà ṣe

Mo ṣí Excel, mo pín ìwé náà sí kọ́lọ́ọ̀mù: oyè nínú A, orúkọ nínú B, orúkọ ìdílé tàbí àpèlé nínú C, nọ́ńbà bó ṣe wá nínú D. Kí ẹ tó lẹ nọ́ńbà kankan mọ́ kọ́lọ́ọ̀mù D, ẹ sàmì sí i, ẹ sì yí irú rẹ̀ padà sí Text. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, Excel yóò rò pé iye owó ni, yóò sì jẹ òdo iwájú rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ pé ìlà kẹfà ti gba inú Excel ẹnì kan kọjá rí nìyẹn: 8030000014, kò ní òdo. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó gùn. Excel yóò kọ ọ́ báyìí:

```
2.34803E+12
```

Bí ẹnì kan bá tọ́jú fáìlì bẹ́ẹ̀ sí CSV, àwọn dígíìtì ẹ̀yìn ti lọ nìyẹn. Kò sí fọ́múlà tó lè dá wọn padà, àfi kí ẹ wá ìwé àkọ́kọ́ rí.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí gbogbo nọ́ńbà Nàìjíríà wà ní ìrísí kan: +234, lẹ́yìn náà dígíìtì mẹ́wàá láìsí òdo iwájú. Nọ́ńbà tó wà báyìí ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ni fóònù bá rìnrìn àjò, ẹni tó bá sì fi káàdì náà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun kò ní í tún un kọ.

Àǹfààní kan wà tó mú iṣẹ́ náà rọrùn. Bí nọ́ńbà alágbèéká wa bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0, tàbí 234, tàbí +234, tàbí tí Excel ti jẹ òdo rẹ̀, dígíìtì mẹ́wàá ìkẹyìn kò yí padà rárá. Nítorí náà, mo yọ àlàfo àti dáàṣì kúrò nínú kọ́lọ́ọ̀mù E, mo sì mú mẹ́wàá ìkẹyìn nínú F:

```
=SUBSTITUTE(SUBSTITUTE(D2," ",""),"-","")
="+234"&RIGHT(E2,10)
```

Ìlà kìíní, ìkẹta àti ìkẹfà tọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìlà kejì ní nọ́ńbà méjì tí àmì ìdábùú pín níyà. Ọwọ́ ni mo fi gé èkejì, mo sì tún un ṣe lọ́nà kan náà. Obìnrin kan ló ni méjèèjì, nítorí náà káàdì kan ni yóò gbà wọ́n pẹ̀lú ìlà TEL méjì, kì í ṣe káàdì méjì.

Bí a ṣe ń mọ nọ́ńbà tó ń parọ́

Fọ́múlà yẹn kò ní làákàyè. Ohunkóhun tí ẹ bá fún un, yóò lẹ +234 mọ́ ọn níwájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe àyẹ̀wò méjì nínú kọ́lọ́ọ̀mù G àti H:

```
=LEN(F2)
=MID(F2,5,2)
```

Àkọ́kọ́ ń ka gígùn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 14. Èkejì ń mú dígíìtì méjì tó tẹ̀lé +234. Lórí nọ́ńbà alágbèéká wa, èyí tó wọ́pọ̀ ni 70, 80, 81, 90 àti 91. Bí ìlà kan bá mú ohun mìíràn wá, ẹ dá a dúró.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlà mẹ́ta tó kù. Sister Toyin ìlú London, 07700 900123, jáde bíi +2347700900123. Gígùn rẹ̀ pé 14. Tí gígùn nìkan ni a wò, ó ti kọjá. Ṣùgbọ́n 77 ló tẹ̀lé +234. Nọ́ńbà alágbèéká ti Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 07, ó sì ní dígíìtì mọ́kànlá gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ó lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀rọ̀ náà "London" ló sọ òtítọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ tó péye ni +447700900123. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ kúrò lára orúkọ títí tí nọ́ńbà yóò fi tọ́.

Bàbá Kọ́lá ní Àjàṣẹ́ jáde bíi +2342997000015. 29 tó wà níbẹ̀ ta mí lólobó. +229 jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Benin, nítorí náà Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni, kì í ṣe Àjàṣẹ́ Ipò ní Kwara. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ká kàn dá +229 padà nìkan. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Benin ti kúrò lórí dígíìtì mẹ́jọ, wọ́n ti wà lórí mẹ́wàá. Wọ́n fi 01 síwájú nọ́ńbà tó wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà +229 97 00 00 15 ti di +2290197000015. Ẹ ṣàkíyèsí òdo yẹn o. Lọ́dọ̀ tiwa, òdo iwájú máa ń lọ bí +234 bá dé. Lọ́dọ̀ tiwọn, òdo náà jẹ́ ara nọ́ńbà, kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́, ẹ yẹ ìwé yín wò.

Ìlà keje ló gbà mí lákòókò jù. Ìyá Bísí, 0805000012. Ó jáde bíi +2340805000012. Gígùn rẹ̀ pé 14 nítorí pé RIGHT mú òdo iwájú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n 08 ló tẹ̀lé +234. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé dígíìtì kan ti sọnù: mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ dípò mọ́kànlá. Ká ní Excel ti jẹ òdo yẹn tẹ́lẹ̀ ni, àyẹ̀wò kejì ìbá rí 80, ìbá sì gbà á wọlé. Gígùn tó jẹ́ 13 nìkan ni ìbá mú un. Ìdí tí àyẹ̀wò méjèèjì fi gbọ́dọ̀ wà pọ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá wo ìlà kejì yóò fẹ́ sọ pé ó dájú, òdo kan ló bọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Bísí lè ju ẹyọ kan lọ nínú ọjà kan. Mi ò fi orí ara mi parí rẹ̀. Mo pe màmá.

Mo ní, "Ẹ kú ọjà mà. Ìyá Bísí inú ìlà kejì àti inú ìlà keje, ṣé ẹnì kan náà ni wọ́n?"

Ó ní, "Ìyá Bísí aláta nìkan ló wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọbìnrin tó bá mi kọ ọ́ ló kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Dúró, kí n pè é níwájú rẹ."

Ó pe 08050000012 lórí fóònù rẹ̀ kejì, Ìyá Bísí sì gbé e. Ìlà keje jáde kúrò nínú ìwé.

Nígbà mìíràn, ẹ ó rí nọ́ńbà tó dára lójú ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá dà á kọ láti inú fóònù, àmì tí ojú kò rí lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú àmì bẹ́ẹ̀ máa ń gba àyè dígíìtì kan, àyẹ̀wò kejì yóò sì mú 03 tàbí 05 wá. Ẹ pa àpótí náà rẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà náà lọ́tun.

Lẹ́yìn tí gbogbo nọ́ńbà ti wà ní ìrísí kan, ẹ̀dà yóò hàn fúnra rẹ̀. Fọ́múlà yìí ń ka iye ìgbà tí nọ́ńbà kan wáyé:

```
=COUNTIF(F:F,F2)
```

Níbi tó bá ti ju 1 lọ, ẹ wò ó. Ìlà kẹta àti ìkẹfà mú 2 wá: Adéwùmí Fọlákẹ́ àti Fọlákẹ́ Adéwùmí, ẹnì kan náà. Kí a tó tún nọ́ńbà wọn ṣe, kò sí ohun tó jọra nínú ìlà méjèèjì lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ má kàn pa ẹ̀dà rẹ́ láìbéèrè, torí pé tọkọtaya lè máa lo fóònù kan.

Kíkọ káàdì gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan

Mo kó ohun tó ti mọ́ lọ sí ojú ewé tuntun: oyè nínú A, orúkọ nínú B, orúkọ ìdílé tàbí àpèlé nínú C, nọ́ńbà nínú D, nọ́ńbà kejì, bó bá wà, nínú E. Bí mo ṣe ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ibẹ̀, mo lo Paste Values, kí ó lè jẹ́ nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ló lọ, kì í ṣe fọ́múlà. Lẹ́yìn náà ni mo fi èyí sínú F2, mo sì fà á dé ìlà tó kẹ́yìn:

```
="BEGIN:VCARD"&CHAR(10)&
"VERSION:3.0"&CHAR(10)&
"N:"&C2&";"&B2&";;"&A2&";"&CHAR(10)&
"FN:"&TRIM(A2&" "&B2&" "&C2)&CHAR(10)&
"ORG:Alájẹṣẹ́kù"&CHAR(10)&
"TEL;TYPE=CELL:"&D2&CHAR(10)&
IF(E2="","","TEL;TYPE=CELL:"&E2&CHAR(10))&
"END:VCARD"
```

CHAR(10) ló ń sọ pé kí ìlà bọ́ sílẹ̀. TRIM ń yọ àlàfo tó máa ṣẹ́kù níbi tí kò bá sí oyè. IF ń kọ ìlà TEL kejì fún ẹni tó bá ní nọ́ńbà méjì nìkan.

Ẹ dà kọ́lọ́ọ̀mù F kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú Notepad. Ibí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́. Excel máa ń fi àmì àyọlò sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àpótí tó bá ní ju ìlà kan lọ, báyìí:

```
"BEGIN:VCARD
...
END:VCARD"
```

Fóònù tó bá rí àmì yẹn níwájú BEGIN kò ní mọ̀ pé káàdì ni. Yóò sọ pé òun kò rí nǹkan kan nínú fáìlì náà. Nínú Notepad, ẹ lọ sí Replace, ẹ tẹ àmì àyọlò sí àpótí òkè, ẹ má fi nǹkan kan sí ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tẹ Replace All.

Ẹ wá tọ́jú fáìlì náà pẹ̀lú Save as. Ẹ pè é ní egbe.vcf. Níbi irú fáìlì, ẹ yan All files, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò di egbe.vcf.txt, fóònù kò sì ní dá a mọ̀. Níbi Encoding, ẹ yan UTF-8, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ with BOM sí, torí pé BOM lè ba káàdì àkọ́kọ́ jẹ́. Bí Encoding bá ṣì, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹ tó ní àmì lábẹ́ yóò hàn bíi áº¹, orúkọ ènìyàn yóò sì dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará ayé mìíràn. Bí ẹ bá rí i, ẹ má jókòó tún orúkọ kọ̀ọ̀kan ṣe lórí fóònù. Ẹ pa wọ́n rẹ́, kí ẹ padà lọ tún fáìlì tọ́jú.

Kíkó o wọlé

Kí ẹ tó kó gbogbo rẹ̀ wọlé, ẹ ṣe ohun méjì. Àkọ́kọ́, ẹ tọ́jú àwọn nọ́ńbà tó ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀ síta. Bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, ẹ ó ní ibi tí ẹ ó padà sí. Èkejì, ẹ ṣe fáìlì kékeré tó ní káàdì méjì péré: ọ̀kan tó kún fún àmì ohùn, ọ̀kan tó ní nọ́ńbà méjì. Èmi lo Alhaji àti Ìyá Bísí. Mo kó wọn wọlé, mo wò ó bóyá orúkọ tọ́, bóyá nọ́ńbà méjèèjì hàn. Mo tún tẹ "Bisi" láìfi àmì sí i níbi ìwákiri, nítorí bí màmá ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Bí fóònù kò bá rí i, kí ẹ kọ orúkọ láìfi àmì ohùn sí i ni yóò dára jù fún ẹni tó ni fóònù.

Lórí Áńdíróìdì tó ní Contacts ti Google, ẹ lọ sí Organize, lẹ́yìn náà Import from file. Bí ó bá bi yín ibi tí yóò kó wọn sí, ẹ yan àkáǹtì Google, ẹ má yan káàdì síìmù. Síìmù máa ń gé orúkọ gígùn, kò sì ní àyè fún ìlà ORG. Lórí àìfóònù, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹni tó ni fóònù, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì gbà á pé kí gbogbo wọn wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye rẹ̀. Ìwé màmá ní ìlà 64 nígbà tí mo gbà á. Nígbà tí ẹ̀dà jáde tán, 59 ló kù. Mo tẹ "Alájẹṣẹ́kù" síbi ìwákiri, 59 ló jáde. Bí iye tó wọlé bá dín, ẹ wá káàdì tó tẹ̀lé èyí tó wọlé kẹ́yìn nínú fáìlì. Ibẹ̀ ni END kan ti sábà máa ń sọnù. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì wọlé lódì, orí kọ̀ǹpútà, contacts.google.com ní Undo changes, tó lè dá àwọn nọ́ńbà padà sí bí wọ́n ṣe wà títí dé 30 ọjọ́ sẹ́yìn.

Màmá béèrè ohun kan kí a tó pínyà. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé a ò lè kọ iye àyálò olúkúlùkù sábẹ́ orúkọ rẹ̀?" Ó ṣeé ṣe. vCard ní ìlà NOTE fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é. Bí ẹnì kan bá ní, "Ẹ bá mi fi nọ́ńbà Alhaji ránṣẹ́," tí màmá sì fi káàdì náà ránṣẹ́, NOTE lè bá a lọ, gbèsè Alhaji yóò sì di ohun tí gbogbo ọjà ń kà. Owó wà nínú ìwé owó, nọ́ńbà wà nínú fóònù. Fún ìdí kan náà, ẹ má gbé irú ìwé yìí lọ sórí ojú òpó tó ní òun yóò bá yín sọ ọ́ di vCard lọ́fẹ̀ẹ́. Excel àti Notepad tó fún un, nọ́ńbà ènìyàn 59 kò sì kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ti parí, ẹ pa fáìlì náà rẹ́ kúrò nínú Wasáàpù àti ímeèlì tí ẹ fi gbé e kiri.

Ibi tí mo máa dá a dúró sí lónìí nìyẹn. Bí ẹ bá ní ìwé nọ́ńbà tó ní ìdàrúdàpọ̀ tí mi ò mẹ́nu bà, ẹ kọ ìlà kan tàbí méjì ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òdo rọ́pò nọ́ńbà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.